Kẹ́ẹ̀gì Ń Jò, Gọ́ọ̀mù Ò Mú: Ta Ni Ká Bá Wí?

  

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí láti ọwọ́ ìyá elépo pupa kan ní ọjà Odò-Ògbè, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ìyá náà ní kẹ́ẹ̀gì òun tó ń gba lítà 25 sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, ibi tó sán kò sì gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ó ra súpà gúlù, kò tilẹ̀ mú rárá. Ó ra gọ́ọ̀mù oníbàtà, ìyẹn mú di ọjọ́ kejì kó tó ṣí bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ó wá ra gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀. Èyí gbẹ, ó le bí òkúta, ọkàn ìyá balẹ̀, ó rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì. Ìgbà tí mọ́tò kó sí gegele lẹ́ẹ̀kan péré, gọ́ọ̀mù já bọ́ lódindi, epo sì dà sára ẹrù ẹlẹ́rù. Owó epo lọ, owó ìtanràn tún lé e. Ìbéèrè ìyá wa ni pé: "Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ṣé ayédèrú ni gbogbo gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fún wa ni?"

Ìyá wa, ẹ má bínú, ẹ kú àdánù. Gọ́ọ̀mù ayédèrú wà lọ́jà lóòótọ́, a ò lè sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n bí gọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ rà bá jẹ́ ojúlówó pàápàá, wọn ò ní mú kẹ́ẹ̀gì yín. Ẹjọ́ náà kò sí lọ́dọ̀ gọ́ọ̀mù, ara kẹ́ẹ̀gì gan-an ló wà.

ORÚKỌ KAN, OHUN MẸ́TA

Ohun tó kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà ni orúkọ. Nílé wa níbí, abọ́ ìfọṣọ, rọ́bà ni. Kẹ́ẹ̀gì, rọ́bà ni. Páìpù omi, rọ́bà ni. Bàtà òjò, rọ́bà ni. Tiúùbù kẹ̀kẹ́ náà, rọ́bà ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ dáadáa á ní ike. Nígbà tó jẹ́ pé orúkọ kan náà là ń pe gbogbo wọn, a rò pé gọ́ọ̀mù kan náà ló yẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀tọ̀ ni ìdílé kálukú.

Ìdílé kìíní ni pọ́lítíìnì. Òun ni wọ́n fi ń ṣe náílọ̀n, kẹ́ẹ̀gì, àti táǹkì omi ńlá tí ẹ ń rí lórí òrùlé káàkiri Lágéré àti Mọ̀ọ̀rè. Ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abọ́ àti àga ike. Ìdílé kejì ni pífísì, èyí tí ọ̀pọ̀ páìpù omi tó le, lẹ́dà orí tábìlì àti ọ̀pọ̀ bàtà òjò jẹ́. Ìdílé kẹta ni rọ́bà gidi: tiúùbù, taya, àti ìdí bàtà tó máa ń fà tó sì máa ń padà.

KÍ LÓ DÉ TÍ GỌ́Ọ̀MÙ Ń SÁ FÚN KẸ́Ẹ̀GÌ?

Ẹ jẹ́ ká lọ sóko díẹ̀. Gbogbo wa la mọ ewé kókò. Bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi kì í tẹ́ lórí ewé náà. Ńṣe ló máa ń ṣù róbótó, tí á máa yí kiri títí á fi bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì nu ewé náà, ó ti gbẹ, bíi pé òjò ò rọ̀ sí i rí.

Bí pọ́lítíìnì ṣe rí gan-an nìyẹn. Kí gọ́ọ̀mù tó lè mú ohunkóhun, ó ní láti kọ́kọ́ tẹ́ lórí rẹ̀, kó rin ín, kó fara mọ́ ọn dáadáa kó tó gbẹ. Tó bá dé orí pọ́lítíìnì, ńṣe ló ń ká ara rẹ̀ kò bí omi orí ewé kókò. Ó á gbẹ níbẹ̀ lóòótọ́, á sì le, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ara kẹ́ẹ̀gì bó ṣe yẹ. Ó kàn jókòó lé e lórí ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí kẹ́ẹ̀gì bá ti tẹ̀ díẹ̀, gọ́ọ̀mù á bọ́ lódindi.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń pe náílọ̀n ní ọ̀rá kò purọ́ rárá. Ọ̀rá ló jẹ́ lóòótọ́. Ohun tí pọ́lítíìnì fi jọra jù lọ láyé ni àbẹ́là. Ohun kan náà ni wọ́n fi dá àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti pọ́lítíìnì so kọ́ra wọn gùn gan-an bí ẹ̀wọ̀n, ìyẹn ló jẹ́ kó le tó sì yi ju àbẹ́là lọ. Nílùú Nọ́tìwíìṣì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn onímọ̀ kan ti bá a pàdé lọ́dún 1933, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá. Wọ́n ṣí ìkòkò irin wọn, wọ́n bá nǹkan funfun kan nínú rẹ̀ tó rí bí ọ̀rá àbẹ́là.

Nítorí náà, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá méjì. Epo pupa tó lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì, ọ̀rá àlejò nìyẹn. Omi gbígbóná àti ọṣẹ á lé e lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, ọ̀rá onílé ni. Ẹ lè fi kànìnkànìn fọ kẹ́ẹ̀gì láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní lọ, nítorí òun gan-an ni kẹ́ẹ̀gì.

BÍ Ẹ ṢE MÁA DÁ WỌN MỌ̀

Ẹ yí ìdí ike náà sókè, kí ẹ wá àmì onígun mẹ́ta kékeré tí nọ́ḿbà wà nínú rẹ̀. Nọ́ḿbà 2 tàbí 4, pọ́lítíìnì ni. Nọ́ḿbà 5, ìbátan pọ́lítíìnì ni, ìwà kan náà ni wọ́n sì ń hù sí gọ́ọ̀mù. Nọ́ḿbà 3, pífísì ni.

Bí kò bá sí àmì, ẹ gé bíńtín lára rẹ̀ bí èékánná ọwọ́, kí ẹ jù ú sínú abọ́ omi. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Pọ́lítíìnì àti ìbátan rẹ̀ á léfòó, nítorí wọ́n fúyẹ́ ju omi lọ. Pífísì á rì lọ sísàlẹ̀. Rọ́bà gidi, ẹ fà á: á nà, á sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún sílípáàsì tó dà bíi fọ́ọ̀mù o. Ó máa ń léfòó, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e, kì í ṣe pé pọ́lítíìnì ni.

OÒGÙN KẸ́Ẹ̀GÌ NI INÁ

Kí wá ni ká fi mú pọ́lítíìnì? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ta ẹ̀pà rí, ẹ̀yin lẹ mọ ìdáhùn náà. Nígbà tí ẹ di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ṣé gọ́ọ̀mù lẹ fi lẹ ẹnu rẹ̀ ni? Àbẹ́là lẹ tàn, ẹ ká ẹnu ọ̀rá mọ́ bíléèdì, ẹ fi kan iná, ọ̀rá yọ́, ó sì pa pọ̀. Ohun tó bá yọ́ ní tirẹ̀, tó tún dì papọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò nílò gọ́ọ̀mù kankan. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń mú kẹ́ẹ̀gì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, ẹ jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì ìyá elépo wa ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ tú epo inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú àti ìta lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e sí ìta kó gbẹ fúnra rẹ̀, títí tí omi kò fi ní sí nínú ibi tó sán. Ọ̀rá onílé ò ní lọ, a ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n epo tó bá ṣẹ́kù sójú ibi tó sán ò ní jẹ́ kí ike tó yọ́ pa pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìṣó tó gbóná, ẹ fi lu ihò kékeré kọ̀ọ̀kan sí orí méjèèjì ibi tó sán. Ihò yìí ni kò ní jẹ́ kó máa sán lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú kẹ́ẹ̀gì máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, kò sì ní pẹ́ tí kẹ́ẹ̀gì náà á tún sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá.

Ẹ wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú ibi tó sán kó dà bí ojú poro, kó fẹ̀ lókè, kó há nísàlẹ̀. Ẹ gé ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà láti ara kẹ́ẹ̀gì àlòkù mìíràn. Ike náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà: nọ́ḿbà 2 fún nọ́ḿbà 2. Bí ẹ bá mú abọ́ tó ní nọ́ḿbà 5 láti fi lẹ kẹ́ẹ̀gì, àwọn méjèèjì á yọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní di ọ̀kan.

Ẹ ki ọ̀bẹ àlòkù tàbí irin pẹlẹbẹ bọ iná èédú. Bó ṣe gbóná tó ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá fi kan ike, tí ike náà rọ̀ tó sì ń dán bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó ti tó. Bí èéfín bá ń yọ tàbí tí ike ń dúdú, ó ti gbóná jù. Ike tó bá jó kò ní ipá mọ́. Ẹ fi irin náà yọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ra ní ìdábùú, bí ẹni tó ń rán aṣọ, díẹ̀ díẹ̀ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sínú poro, kí ẹ yọ́ òun àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló yọ́, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ẹ fi sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ má da omi sí i. Bó bá ti tutù, ẹ fi èékánná tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá ń ṣí, ó jókòó lórí ni, ẹ tún un ṣe. Bí kò bá ṣí, ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì náà, kí ẹ gbé e lé orí páálí gbígbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Páálí náà ni á sọ òótọ́. Omi ni ká fi dán an wò, kì í ṣe epo tí a fi owó rà.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbẹ̀ o. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé pẹ́tírólù rí, ẹ má ṣe fi iná sún mọ́ ọn láéláé, ìbáà jẹ́ pé ó ti ṣófo tí ẹ sì ti fọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ pẹ́tírólù tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù, kó pa ènìyàn. Ẹ sọ irú rẹ̀ nù. Ìkejì, kẹ́ẹ̀gì tí oòrùn ti jẹ, tí ara rẹ̀ ti ṣì, tó ń yọ ẹfun bí ògiri tí wọ́n kùn, kò ṣeé mú mọ́. Oòrùn ti já àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀. Bí ẹ bá mú ibì kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sán. Owó kẹ́ẹ̀gì tuntun kò tó owó epo lítà 25.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé kò wá sí gọ́ọ̀mù kankan tó ń mú pọ́lítíìnì ni? Ó wà. Irú súpà gúlù kan wà tí wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ nǹkan bíi gègé ìkọ̀wé tí omi wà nínú rẹ̀. Omi gègé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa ojú ike kí gọ́ọ̀mù lè tẹ́ lórí rẹ̀. Ó dára fún nǹkan kékeré bí ìdérí tàbí ọmọ ìṣeré. Kì í ṣe fún kẹ́ẹ̀gì tó gbé lítà 25 nínú mọ́tò.

PÁÌPÙ OMI: GỌ́Ọ̀MÙ TÓ Ń YỌ́ IKE

Ẹ̀yin pọ́lọ́ḿbà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Pífísì kò rí bí ewé kókò. Ó máa ń gba gọ́ọ̀mù, àní gọ́ọ̀mù páìpù tí ẹ ń lò máa ń yọ́ ọ ni. Ó máa ń sọ ojú páìpù àti ojú sókẹ́ẹ̀tì di rírọ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, oje gọ́ọ̀mù á wá fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì á sì di ike kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tí iná ṣe fún kẹ́ẹ̀gì, gọ́ọ̀mù ló ṣe é fún páìpù.

Nítorí náà, ọ̀rá àlejò àti omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ nu ojú méjèèjì kó gbẹ, ẹ fi sanpépà hó dídán ojú rẹ̀ kúrò, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa páìpù àti inú sókẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ tì í wọlé dé òpin, ẹ yí i díẹ̀, kí ẹ dì í mú bí ìdajì ìṣẹ́jú kó má bàa ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kó pé wákàtí 24 kí ẹ tó ṣí omi líle sí i. Ẹni tó bá da gọ́ọ̀mù púpọ̀ sínú rẹ̀ kò ṣe dáadáa sí i. Èyí tó bá ṣàn sínú páìpù á dúró síbẹ̀, á máa jẹ ike náà. Ẹ má sì rò pé gọ́ọ̀mù yìí á mú páìpù dúdú tí wọ́n ń ká bí okùn. Pọ́lítíìnì nìyẹn, ọmọ ìyá kẹ́ẹ̀gì.

Ẹ má fi iná sun pífísì o. Èéfín rẹ̀ máa ń ta ọ̀fun, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

BÀTÀ TÓ Ń LÀÁGÙN ÒRÓRÓ

Pífísì tó rọ̀, bíi bàtà òjò àti báàgì lẹ́dà, ní àṣírí tirẹ̀. Pífísì fúnra rẹ̀ le. Òróró kan ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè rọ̀. Òróró yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń làágùn jáde, bó bá sì bá gọ́ọ̀mù oníbàtà aláwọ̀ ìyeyè pàdé, á rọ̀ ọ́ di jẹ̀lẹ́nkẹ́. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí ẹ lẹ̀ lónìí, tó mú gírígírí, fi lè ṣí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí oníbàárà á padà wá jà.

Ẹ wo ojú ibi tó ṣí, á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Bí gọ́ọ̀mù bá ṣí gbẹrẹfu, tó mọ́, tó gbẹ bí èèpo ẹyin, pọ́lítíìnì tàbí ìbátan rẹ̀ lẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó bá ń fà bí ilá, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, òróró pífísì ló yọ́ ọ. Èyí tó yẹ bàtà bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù mímọ́ gaara tí àwọn oníbàtà ń pè ní pí-yú, nítorí òróró yẹn kì í tètè rí i mú. Ẹ fi sanpépà hó ojú rẹ̀, ẹ nù ún, ẹ pa gọ́ọ̀mù sí ojú méjèèjì, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀.

RỌ́BÀ GIDI ŃKỌ́?

Rọ́bà gidi ló rọrùn jù. Lọ́dún 1839, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Ṣáàsì Gúdíà rí i pé bí wọ́n bá po oje rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, tí wọ́n fi iná sí i, á yi, kò sì ní yọ́ mọ́ nínú oòrùn. Ohun kan náà ni fọkanáísà tó ń fi irin gbígbóná se páàṣì mọ́ tiúùbù ń ṣe títí dòní. Ẹni tí kò bá lo iná, sólúṣọ̀n ló ń lò.

Ẹ fi fáìlì họ ojú tiúùbù títí dídán rẹ̀ á fi kúrò, nítorí ìyẹ̀fun àti òróró ilé iṣẹ́ máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ nu ekuru rẹ̀ kúrò. Ẹ pa sólúṣọ̀n fẹ́lẹ́, kí ẹ sì ní sùúrù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kù gìrì. Wọ́n á lẹ páàṣì nígbà tí sólúṣọ̀n ṣì tutù, oje inú rẹ̀ á há sábẹ́, á sì wú bí ìléròrò bí mọ́tò bá ti gbóná. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, títí tí ojú rẹ̀ kò fi ní dán mọ́, tí kò sì ní tẹ̀lé ìka bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ìgbà náà ni kí ẹ lẹ páàṣì, kí ẹ sì fi òòlù lù ú láti àárín lọ sí etí.

Ìyá elépo wa, ìdáhùn yín nìyẹn o. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ onígọ́ọ̀mù, ẹ má sọ pé, "Fún mi ní gọ́ọ̀mù rọ́bà." Ẹ gé bíńtín lára ohun tó bàjẹ́, ẹ jù ú somi kí ẹ tó kúrò nílé. Bó bá léfòó, ẹ fi owó gọ́ọ̀mù ra èédú.